Lẹ́tà Pupa Tó Ń Ṣú Lójú Tẹlifíṣọ̀n

Àbúrò mi kan tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé owó so kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43 tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà dúdú lórí ilẹ̀ funfun mọ́ kedere. Àmọ́ iye owó tó fi pupa kọ sórí ilẹ̀ búlúù dà bí ohun tí omi ta sí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, bóyá wáyà yìí ti bàjẹ́.”

Wáyà kò bàjẹ́. Àwọ̀ ni wọ́n ń dín kù.

Tẹlifíṣọ̀n náà ní píksẹ́lì 3840 ní ìbú, 2160 ní òró. Tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá gba ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ àti àwọ̀ tirẹ̀, 4:4:4 là ń pè é. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn máa ń rí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ju ìyàtọ̀ àwọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí fíìmù fi máa ń fún píksẹ́lì mẹ́rin ní ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì jọ pín àwọ̀ kan ṣoṣo: 4:2:0. Lára aṣọ òṣèré, ta ló máa mọ̀? Lẹ́tà ni kò gbà á, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má fẹ̀ ju píksẹ́lì kan tàbí méjì lọ. Ìmọ́lẹ̀ ló ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, ìyẹn ló ṣe yè é. Àwọ̀ ló ya pupa kúrò lára búlúù ní tirẹ̀.

Mo kọ́kọ́ wo kọ̀ǹpútà. Windows fi hàn pé 3840 × 2160 ló ń gbé jáde, ní 60 Hz, RGB. Ó pé. Ká ní HDMI 1.4 ni kọ̀ǹpútà náà ní ni, 30 Hz ni ì bá fi gbé àwọ̀ tó pé lórí píksẹ́lì tó pọ̀ tó báyìí, atọ́ka máúsì á sì máa wọ́lẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló ń gé àwọ̀ náà lẹ́yìn tó bá ti gbà á, torí ó rò pé fíìmù ni. Lórí LG àti ọ̀pọ̀ Samsung, orúkọ ihò HDMI náà lèèyàn máa yí padà sí PC. Lórí Sony, Graphics ni wọ́n ń yàn níbi irú àwòrán. A sọ tirẹ̀ di PC, iye owó pupa náà sì yọ kedere.

Ó ku ohun kan: lẹ́tà dúdú ní etí funfun tó ń tàn yí i ká. Sharpness ló ń fa ìyẹn. Kì í ṣe pé ó ń mú lẹ́tà mú, ńṣe ló ń fa ìlà sí etí rẹ̀. A dín in kù títí etí náà fi pòórá, ó sì bọ́ sí 0. Ti Sony yàtọ̀: ní 50 ni kì í ti í fi kún nǹkan kan.

Àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rù pé bọ́ọ̀lù àwọn á yí padà. Kò yí padà: ihò kejì ni dékódà wà, orúkọ PC kò sì kọjá ihò tí a fún un.