Òdì Kì Í Ṣe Àṣìṣe: Lẹ́tà Kan Lórí Ìṣàn Iná

Lẹ́tà tí olùkọ́ kan kọ láti Mápó, ní Ìbàdàn, sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni a tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí, nítorí pé ó kan ọ̀nà tí a ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà "òdì" nínú ìmọ̀ iná mànàmáná.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí i pé o fagi lé ìdáhùn rẹ, −1.2 áḿpù, o sì kọ 1.2 rọ́pò rẹ̀. Èyí tí o fagi lé gan-an ni ó tọ̀nà.

Jẹ́ kí a tún ìbéèrè náà yẹ̀ wò. Bátìrì kìíní jẹ́ fóltì 12, èkejì jẹ́ fóltì 6. Ìdènà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ óòmù 1. Wáyà láti orí àwọn méjèèjì pàdé ní oríta kan. Láti ibẹ̀ ni iná ti ń gba inú gílóòbù tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 2, kí ó tó padà sí ìdí àwọn bátìrì.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, o ya ọfà láti ara bátìrì kọ̀ọ̀kan sí oríta. Àbá lásán ni ọfà náà. Kò sọ ohun tí iná ń ṣe. Bí a bá dúró ní Mápó, tí a sì pinnu pé ìhà Bẹẹrẹ ni iwájú, ẹni tí ó rin ìṣísẹ̀ 200 sí ìhà Ọjà'ba ti rin −200. Kò ṣìnà, ìhà kejì ni ó kọjú sí.

Gẹ́gẹ́ bí òfin tí Kirchhoff gbé kalẹ̀ ní 1845, iye iná tí ó wọ oríta gbọ́dọ̀ bá iye tí ó jáde dọ́gba. Bí fóltì oríta bá jẹ́ V:

(12 − V)/1 + (6 − V)/1 = V/2

V jẹ́ 7.2. Nítorí náà ìṣàn iná láti bátìrì kìíní jẹ́ áḿpù 4.8, ti èkejì jẹ́ −1.2, ti gílóòbù sì jẹ́ 3.6. Fóltì oríta ga ju 6 lọ, nítorí èyí ni iná fi ń wọ inú bátìrì kejì dípò kí ó máa jáde níbẹ̀. À ń ṣáàjì rẹ̀ ni.

Wo ohun tí 1.2 rẹ yóò fà. Gílóòbù yóò gba áḿpù 6, oríta yóò sì jẹ́ fóltì 12; ṣùgbọ́n ní ìhà bátìrì kìíní, 12 − 4.8 fún wa ní 7.2. Oríta kan kò lè ní fóltì méjì. Bí o bá fẹ́ yọ àmì náà kúrò, yí ọfà padà pẹ̀lú rẹ̀.

Àṣìṣe lè wà lóòótọ́. Bí o bá kọ −6 níbi tí àwòrán ti fi 6 hàn, ìdáhùn rẹ yóò bá ìlà ìṣirò rẹ mu, kò sì ní bá àwòrán mu. Nítorí náà àwòrán ni kí o fi yẹ ìdáhùn wò, kì í ṣe àmì rẹ̀.

Mo fura pé ọ̀rọ̀ náà ni ó dẹ́rù bà ọ́. Lẹ́nu wa, ohun tí ó lòdì ni ohun tí kò tọ́. Nínú ìṣirò, ìhà kejì nìkan ni òdì ń tọ́ka sí. Nítorí èyí ni mo fi ń fẹ́ kí a máa kọ "ìṣàn iná sí ìhà òdì ọfà" lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, dípò "ìṣàn òdì" lásán.

Èmi ni,
Olùkọ́ rẹ.