Kí Ni Ẹ̀rọ Yìí? Ara Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Ti Kà Á

Ẹ̀rọ ìtọ́jú kéékèèké ti pọ̀ nínú ilé wa ju ti àtijọ́ lọ. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kó wọn sínú báàgì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ẹlòmíì rà á lọ́jà, ẹlòmíì bá a nínú ẹrù bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé. Páálí ti lọ, ìwé tó ń ṣàlàyé lílò rẹ̀ ti sọnù, ẹ̀rọ nìkan ló kù. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó ń gba eruku lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹni tó nílò rẹ̀ sì wà nínú ilé yẹn gan-an, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́.

Ìrísí nìkan lè tan èèyàn jẹ. Lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Bí ẹ bá rí mg/dL tàbí mmol/L, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n, ẹ óò sì rí ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ti pépà ẹ̀jẹ̀ bọ̀. Bí mmHg bá wà níbẹ̀, tí okùn rẹ̀ sì já sí aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá, ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bó bá jẹ́ %SpO2 ni ẹ rí, ẹ̀rọ ìka nìyẹn, èyí tó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni mo fẹ́ ká tẹjú mọ́ jù lónìí.

Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Kò ju ìka méjì lọ, ó sì rí bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ: ẹ fún un nídìí, ẹnu rẹ̀ á là. Rọ́bà rírọ̀ ló wà nínú ẹnu náà níbi tí ìka yóò sùn sí. Ní ìhà kan, iná pupa máa ń tàn bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Ní ìhà kejì ni ojú kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀ náà wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣí fún bátìrì kéékèèké méjì tí wọ́n kọ AAA sí lára. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kì í sì í gba ẹ̀jẹ̀.

Iná pupa yẹn àti òmíràn tí ojú wa kò lè rí ló ń la ìka kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn dáadáa àti èyí tí kò ní in kì í gbé ìmọ́lẹ̀ méjèèjì mì bákan náà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń rí ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ẹnjiníà ará Jàpáànù kan, Takuo Aoyagi, ló gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀ ní 1974: ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ kúlúkúlú nínú òpó nìkan ni kí ẹ̀rọ máa kà, kó fi awọ àti eegun tí kò mì sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi máa ń mú nọ́ńbà méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ %SpO2 ni ọ́síjìn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ PR tàbí bpm ni iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan tún ń fi PI% kún un, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ lágbára tó nínú ìka náà. Bí PI% bá kéré gan-an, ẹ má tíì gbára lé àwọn méjì yòókù. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra ọwọ́ aláìsàn kó móoru, kí ẹ tó tún un wọ̀n.

Àṣìṣe tó ń bà mí lẹ́rù jù wà nínú bí a ṣe ń dúró wo ẹ̀rọ náà. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fi igi iná tẹ́ẹ́rẹ́ méje kọ nọ́ńbà, irú èyí tó wà lára ẹ̀rọ ìṣirò. Bí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá dorí kodò, 6 á di 9, 9 á di 6, 8 kò ní yí padà. Ẹ jẹ́ ká wò ó lára màmá kan tí èémí rẹ̀ kò já gaara, tó jókòó sórí àga, tí ẹ̀rọ wà ní ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀. Níbi tí màmá wà, 86 ló wà lókè fún ọ́síjìn, 99 sì wà nísàlẹ̀ fún ìlùkìkì ọkàn. Ọmọ rẹ̀ dúró ní ọ̀kánkán rẹ̀, ó sì ń wo ojú ẹ̀rọ láti òdì kejì. Ohun tí ọmọ rí ni 66 lókè àti 98 nísàlẹ̀. Bó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ́síjìn tó dára máa ń wà láàárín 95 sí 100, á ní 98 ni ọ́síjìn màmá, 66 sì ni ọkàn rẹ̀. Nọ́ńbà ẹni tí ara rẹ̀ le koko! Màmá tó yẹ kí wọ́n ti máa gbé lọ sílé ìwòsàn ni wọ́n ní kó lọ sinmi.

Nítorí náà, lẹ́tà ni kí ẹ kà kí ẹ tó ka nọ́ńbà. Bí %SpO2 bá dorí kodò lójú yín, nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà dorí kodò. Ẹ yí ara yín padà, tàbí kí ẹ rọra tẹ bọ́tìnnì, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń yí ojú rẹ̀ padà bẹ́ẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ìka wà nínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan láìmì, kí nọ́ńbà náà fìdí kalẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ yọ kì í sábà jẹ́ òótọ́. Láàlì, kùtẹ́ẹ̀sì dúdú àti èékánná àtọwọ́dá náà máa ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ìka tí kò sí nǹkan lórí èékánná rẹ̀ ni kí ẹ lò.

Ohun kan wà tí a kò kọ sára ẹ̀rọ kankan nínú èyí tí mo tíì rí, tó sì kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Ẹ̀rọ yìí lè sọ ọ́síjìn wa di púpọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ní December 2020, àwọn dókítà láti Yunifásítì Míṣígàn ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde, níbi tí wọ́n ti fi ohun tí ẹ̀rọ ìka sọ wé ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gidi sọ. Níbi tí ẹ̀rọ ti fi 92 sí 96 hàn, nǹkan bí 12 nínú 100 àyẹ̀wò àwọn aláwọ̀ dúdú ló jẹ́ pé ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó 88. Ti àwọn aláwọ̀ funfun kò ju nǹkan bí 4 lọ. Mi ò sọ pé kí ẹ gbé ẹ̀rọ yín jù nù. Bó bá ti wá sí 92 tàbí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn kíákíá. Bó bá sì sọ pé 95, ṣùgbọ́n tí ẹni náà kò lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, ẹ gba ẹni náà gbọ́ ju ẹ̀rọ lọ.

Ẹ wá yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán èèyàn kékeré tó wà nínú igun mẹ́rin kò sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti ṣètò ibi tó ń kan ara èèyàn kí iná má baà gbé e. Àwòrán ilé iṣẹ́ tó ní ihò èéfín, tí ọdún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ìgbà tí wọ́n ṣe é. Agogo tí wọ́n fà lá, tàbí SpO2 tí wọ́n fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà kò ní ké bí ọ́síjìn bá já wálẹ̀. Ẹ má fi í sí ìka aláìsàn lóru, kí ẹ wá sùn, kí ẹ máa retí pé yóò jí yín.

Ní ti CE, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà mẹ́rin tẹ̀ lé e. Òfin Yúróòpù kò gbà kí ilé iṣẹ́ kankan fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò láti ìta gbọ́dọ̀ wò ó, nọ́ńbà mẹ́rin yẹn sì ni tiwọn. CE tó dá dúró lára ẹ̀rọ ìka yẹ kó mú yín fura. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n kọ ọ́ sí páálí wọn pé eré ìdárayá ni wọ́n wà fún, wọn kò wà fún ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ tún lè ti bírò bọ ẹnu ẹ̀rọ náà. Bírò kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ, ìlà lásán ló yẹ kó hàn. Bó bá gbé 98 jáde tó sì dúró lé e, ẹ má fi wo aláìsàn. Èyí tó yege níbẹ̀ náà ṣì nílò kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì fi tiwọn wọ̀n yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ kejì tó máa ń wá nínú irú báàgì bẹ́ẹ̀ ni nẹbuláísà, tí wọ́n fi ń sọ oògùn di ìkùukùu fún ẹni tó ní ásímà. Àpótí ni, ó máa ń pariwo, ó ní ihò kan tí atẹ́gùn ń gbà jáde, àti ìdérí kékeré kan tí fóòmù tó ń sẹ́ eruku wà lábẹ́ rẹ̀. Okùn rọ́bà, ife oògùn kékeré tí wọ́n fi mL sàmì sí lára, àti ìbòjú ló ń bá a rìn. Ẹ fi ìka sí ẹnu ihò náà: atẹ́gùn yóò fẹ́ yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń fà, tí ìgò ńlá àti aago mmHg sì wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Atẹ́gùn inú yàrá yín ni nẹbuláísà ń fẹ́, kì í ṣe ọ́síjìn. Ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ lọ sílẹ̀ kò lè fi ìbòjú rẹ̀ lásán gbádùn.

Kí ẹ tó kì í bọ iná, ẹ wá bébà ìdí àpótí náà. Èyí tó wá láti Gẹ̀ẹ́sì á ní 230V~ 50Hz, ó bá iná tiwa mu. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà á ní 120V~ 60Hz, bí ẹ bá sì kì í bọ iná wa láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, ó lè jóná lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá rí 30 min ON / 30 min OFF, ẹ jẹ́ kó sinmi bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ìgbà míì, àpótí á máa hó, okùn á máa fẹ́, oògùn á wà nínú ife, àmọ́ ìkùukùu kò ní jáde. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ẹ ṣí ife náà: ó yẹ kí ike ṣóńṣó kékeré kan wà tó dé orí ihò àárín rẹ̀. Ike yẹn ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́, òun náà ló sì máa ń bá omi lọ nígbà tí a bá ń fọ ife. Ẹ kọ́kọ́ wá a nínú abọ́ tí ẹ fi fọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá rí i, ife àti ìbòjú tuntun ni kí ẹ lọ béèrè ní ilé oògùn, kì í ṣe àpótí tuntun.