Nígbà Tí Ìhanrun Ọmọdé Bá Gé Lójijì

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, àbúrò mi obìnrin wá lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ mi n'Ìbàdàn, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 2 àti oṣù 7. Láti òru ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Yàrá kejì ni wọ́n sùn sí, ilẹ̀kùn sì wà ní títì, síbẹ̀ ẹni tó bá gbọ́ ìhanrun náà á rò pé bàbá àgbàlagbà kan ló sùn síbẹ̀. Ìyá wa tó wà lọ́dọ̀ mi ní kí n má da ara mi láàmú. Wọ́n ní, "Ṣé bàbá rẹ̀ ń jẹ́ kí ará ilé sùn ni? Ó fìwà jọ ọ́ ni."

Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo yíjú sí ògiri. Kì í ṣe ariwo náà ló gbé mi dìde nígbẹ̀yìn, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ìhanrun ń lọ, ó ń bọ̀, ó kàn gé lójijì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, títí tí mo fi ka ẹ̀fà. Ìgbà náà ni ọmọ fa èémí "hàà!" bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí jáde nínú omi, ìhanrun sì tún bẹ̀rẹ̀.

Mo wọlé, mo tan iná fóònù. Ọmọ náà gbé ọrùn sẹ́yìn pátápátá bí ẹni ń wo àjà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, òógùn sì ti mú kí ìrọ̀rí rẹ̀ tutù rinrin bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́. Mo ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ní gbogbo ìgbà tí ìhanrun bá dákẹ́, ikùn rẹ̀ á yọ síta, àyà rẹ̀ á rì wọnú, kòtò tó wà lókè egungun èjìká lọ́rùn rẹ̀ á sì fà wọlé. Ara rẹ̀ ń tiraka láti mí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kankan kò wọlé. Ohun tí mo rí yẹn ni mo fẹ́ kí òbí gbogbo mọ̀, nítorí òun ló fi ìyàtọ̀ sáàárín ọmọ tó kàn ń hanrun àti ọmọ tí ọ̀nà èémí rẹ̀ ń dí lójú oorun.

Ẹran méjì ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń dá lé lórí lára ọmọdé. Èkíní ni tọ́ńsìlì, tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì nínú ọ̀fun, tí a lè rí bí ọmọ bá lanu. Èkejì ni ádínọ́ìdì. Ẹ̀yìn imú ni èyí wà, lókè àjà ẹnu, ojú lásán kò sì lè rí i. Àwọn méjèèjì ń bá ara jà fún wa lọ́wọ́ àìsàn. Bí ọmọ ṣe ń kó ọ̀fìnkìn lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń wú. Láti nǹkan bí ọdún 2 sí ọdún 6, ìdàgbàsókè wọn máa ń yá ju ti ọ̀nà tí wọ́n wà nínú rẹ̀ lọ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àsìkò yìí gan-an ni wàhálà máa ń pọ̀. Bí ọmọ bá ń ṣeré lọ́sàn-án, iṣan ọ̀fun rẹ̀ a máa fa ọ̀nà náà ṣí. Bí oorun bá gbé e lọ, iṣan náà á dẹ̀, ọ̀fun á sún kẹ́rẹ́, ẹran tó ti wú á sì dí ìyókù.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí ádínọ́ìdì rẹ̀ tóbi fi máa ń fi ẹnu mí tọ̀sán-tòru. Ètè rẹ̀ á gbẹ, itọ́ á máa dà sí i lágbọ̀n, ohùn rẹ̀ á dà bí ti ẹni tí wọ́n di imú rẹ̀ mú. Ẹnu ihò tó so etí pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn imú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran yìí gan-an, bó bá sì dí, omi lè dúró sẹ́yìn awọ etí. Ọmọ á wá máa ní kí a tún ọ̀rọ̀ sọ, tàbí kí ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ pẹ́. Nígbà tí dókítà ará Dẹ́nmákì kan, Wilhelm Meyer, kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹran yìí fáyé ní 1868, àìgbọ́ràn dáadáa wà lára ohun tó tọ́ka sí.

Gbogbo ọmọ tó ń hanrun kọ́ ló ní ìṣòro o. Ọ̀fìnkìn lásán lè mú ọmọ hanrun fún ọ̀sẹ̀ kan, tí á sì lọ. Èyí tó yẹ ká tẹ̀ lé lójú méjèèjì ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ní òru mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tí kò sì sí ọ̀fìnkìn lára ọmọ. Bákan náà, ìdádúró èémí kan wà tí kò léwu: ọmọ á mí kanlẹ̀, àyà àti ikùn rẹ̀ á jọ sinmi jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì máa mí lọ wẹ́rẹ́. Kò sí ìjàkadì níbẹ̀. Èyí tó burú ni kí ariwo dá kí àyà sì máa jà. Fún àgbàlagbà, ó di ìṣẹ́jú àáyá 10 kí àwọn dókítà tó kà á sí ìdádúró èémí. Ní ti ọmọdé, bí èémí méjì péré bá fò ó nígbà tí àyà rẹ̀ ń tiraka, ó ti tó kà, ìyẹn kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí 6 lọ.

Ohun mìíràn tó ń tan òbí jẹ ni ìwà ọmọ náà lójúmọmọ. Àgbà tí kò sùn dáadáa á máa tòògbé. Ọmọdé kì í sábà tòògbé. Ṣe ni ara rẹ̀ kì í balẹ̀, á máa sáré kiri, á máa bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ọmọ àbúrò mi yìí, "aláìgbọ́ràn" ni wọ́n ń pè é níbi tí wọ́n ti ń bá a tọ́jú rẹ̀. Kò fẹ́ràn ẹran tàbí oúnjẹ tó le, torí ẹni tó ń fi ẹnu mí kò lè máa jẹun kó sì máa mí lẹ́ẹ̀kan náà. Kílò 11 ló wọ̀n, èyí tó kéré fún ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti fún un ní oògùn ikọ́ àti oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Lọ́sàn-án ni wọ́n ń gbé e lọ, á máa sáré káàkiri ọ́fíìsì dókítà, kò sì sí ẹni tó rí ohun tí mo rí lóru. Fídíò tí mo gbà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun tó wò ó kò tí ì wò ó tán tó fi béèrè bóyá ọmọ máa ń gbé ọrùn sẹ́yìn sùn lójoojúmọ́. Wọ́n yẹ tọ́ńsìlì rẹ̀ wò, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn imú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá níbẹ̀ kò ju fọ́nrán tínínrín lọ. Àwòrán yìí ní ibi tó mọ: bí ọmọ bá ń ké nígbà tí wọ́n ń yà á, ó lè fi ẹran náà hàn bíi pé ó tóbi ju bó ṣe rí lọ. Títóbi ẹran nìkan kò sì sọ bí ìṣòro ṣe le tó. Nítorí náà wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ìka sí i lọ́wọ́ lóru kan, èyí tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ìdá 97 nínú 100 ló wà bó ṣe sùn. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, ó ń já sí 84. Àyẹ̀wò tó kún jù ni èyí tí wọ́n ti ń ṣọ́ èémí, ọpọlọ àti ọkàn ọmọ ní gbogbo òru, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kò pọ̀ nílẹ̀ wa.

Bí ìṣòro bá fúyẹ́, omi iyọ̀ tí wọ́n ń kán sí imú àti oògùn tí wọ́n ń fín sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè dín wíwú náà kù. Ti ọmọ wa ti kọjá ibẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe, wọ́n yọ ádínọ́ìdì àti tọ́ńsìlì papọ̀ láti ẹnu, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níta. Nítorí pé kò tí ì pé ọdún 3, ilé ìwòsàn ló sùn mọ́jú, torí ọ̀fun ọmọ kékeré lè wú lóru ọjọ́ náà kí èémí tún dí. Párásítámọ́ọ̀ ni wọ́n fi ń tu ìrora rẹ̀ lára. Kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún ní oògùn tó ní kodíìnì nínú, ó ti dá èémí ọmọ dúró pátápátá rí. Àwọ̀ funfun tó rùn díẹ̀ bo ojú ibi tí wọ́n gé, ojú ọgbẹ́ tó ń jinná ni, kì í ṣe ìkẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ká máa ṣọ́, pàápàá láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 10. Ọmọ lè má tu ú síta. Bó bá ń gbé nǹkan mì léraléra lójú oorun, ẹ tan iná, ẹ wo ẹnu rẹ̀, bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ forí lé lóru náà.

Àwọn àgbà kan nílé wa ti dábàá pé ká gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ olóòólà kó gé bèlúbèlú rẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀, mo sì tún máa kọ̀ lọ́la. Bèlúbèlú kọ́ ló dí ọ̀nà náà, gígé e kò sì dé ibi tí ádínọ́ìdì wà. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà, ọgbẹ́ ọ̀hún lè kẹ̀, àrùn ipá sì lè wọlé.

Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín bá jẹ́ SS, ẹ má ṣe dúró wo ìhanrun rárá. Àìtó ọ́síjìn lóru lè dá ìrora àti àìsàn mìíràn sílẹ̀ fún un, wọ́n sì gbọ́dọ̀ múra ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dórí iṣẹ́ abẹ. Bí ariwo èémí bá ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé ọmọ, bó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì nígbà tó ń jẹ ẹ̀pà, bí ètè rẹ̀ bá ṣú, tàbí tí kò lè gbé itọ́ mì, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn, ẹ gbé e sáré. Bó bá sì jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló ń ṣomi tó sì ń rùn, ó ṣeé ṣe kó ti ki ìlẹ̀kẹ̀ tàbí fóòmù bọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ wa ti wọ̀n kílò 12 àti ààbọ̀, ẹran ló sì kọ́kọ́ ń wá nínú àwo.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń hanrun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí aago yín sí 4 òru, ẹ má gba fídíò ní 9 alẹ́. Apá ìgbẹ̀yìn òru ni oorun àlá máa ń pọ̀, ìgbà náà ni iṣan ọ̀fun ọmọ máa ń dẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń wò ó ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n sì ń rò pé kò sí nǹkan kan. Ẹ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ẹ tan iná, kí fídíò náà mú ẹnu, ọrùn àti àyà rẹ̀ pọ̀, kí ohùn sì wọlé. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ti tó. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú dókítà kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun.