Mágí, Irú àti Àlùbọ́sà: Ibo Ni Iyọ̀ Ti Ń Wọ Inú Ìkòkò Wa?

"Èmi ò fi iyọ̀ sí i o. Mágí nìkan ni mo fi sí i."

Ohun tí màmá mi sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà ti sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Wọ́n sì gbọ́ràn lóòótọ́, wọn ò fọwọ́ kan agolo iyọ̀ mi rárá. Ṣùgbọ́n kúùbù mágí mẹ́rin ló wọ inú ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò kan ṣoṣo. Mi ò lè bá wọn wí, torí pé bí èmi náà ṣe ń sè é fún àwọn ọmọ mi nìyẹn. Tèmi tiẹ̀ burú jù, mo tún máa ń bu iyọ̀ lé e.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ yí páálí mágí padà láti ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ yí tiyín náà padà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, wọ́n máa ń kọ iye iyọ̀ tó wà nínú gíráàmù 100. Lára tèmi, gíráàmù 55 ni wọ́n kọ. Ìyẹn ni pé ó lé ní ìdajì kúùbù tó jẹ́ iyọ̀. Kúùbù kan wọn gíráàmù 4, nítorí náà iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 2.2. Mẹ́rin rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé gíráàmù 9. Tí mo bá wá fi iyọ̀ ṣíbí ìpotíì kan kún un, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 6, gíráàmù 15 ló wà nínú ìkòkò náà.

Àwo mẹ́jọ ni ìkòkò mi máa ń pé. Àwo kan wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀ gíráàmù 2. Ìlànà ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ pé kí ọmọ ọdún 1 sí 3 má jẹ ju gíráàmù 2 lọ lójúmọ́. Ọmọ ọdún 4 sí 6, gíráàmù 3. Ọmọ ọdún 7 sí 10, gíráàmù 5. Láti ọdún 11 títí dé àgbà, gíráàmù 6. Àbíkẹ́yìn mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ká tiẹ̀ ní ìdajì àwo ló jẹ, ìdajì iyọ̀ ojúmọ́ rẹ̀ ti lọ, a ò sì tíì ka búrẹ́dì tó jẹ láàárọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, sódíọ̀mù lẹ máa rí lára páálí tiyín. Ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí iye iyọ̀ tó jẹ́. Sódíọ̀mù mílígíráàmù 800, iyọ̀ gíráàmù 2 nìyẹn.

Kí ló wá ń mú mágí dùn tó bẹ́ẹ̀? Iyọ̀ ni, pẹ̀lú ajinomóto, tó ń fún ọbẹ̀ ní adùn bí omi ẹran. Inú kúùbù kan náà ni méjèèjì wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí adùn yẹn pọ̀ sí i, tí ẹ fi kúùbù kún un, iyọ̀ náà pọ̀ sí i nìyẹn. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyí.

Irú ló lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n máa ń se hóró rẹ̀ pẹ́ títí, wọ́n á bó o, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Níbẹ̀ ni àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ti ń tú èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀kan lára ohun tó ń jáde ni adùn tó wà nínú ajinomóto gan-an. Òórùn tí àwọn ọmọ wa ń fi ọwọ́ dímú sí, inú iṣẹ́ kan náà ló ti wá. Nítorí náà, irú ní adùn omi ẹran yẹn láìní iyọ̀, àfi tí ẹnì kan bá fi iyọ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo ra irú wóró nínú fíríìsà ṣọ́ọ̀bù kan, mo bu ṣíbí mẹ́ta sí ọbẹ̀, mo sì bu iyọ̀ bí mo ṣe máa ń bù ú. Ọbẹ̀ náà ò ṣeé fi sẹ́nu! Àwọn kan máa ń fi iyọ̀ sí irú kó má bàa bàjẹ́. Báyìí, mo máa ń tọ́ hóró kan wò kí n tó gbé ìkòkò kaná. Tó bá níyọ̀, mo máa ń rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n dà á nù, kí n tún un ṣàn. Adùn díẹ̀ á bá omi lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó máa bá a lọ pọ̀. Irú pẹ̀tẹ̀ ò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà èyí tí kò níyọ̀ nìkan ni mo máa ń rà nínú rẹ̀.

Àwọn èròjà tútù ńkọ́? Àlùbọ́sà, áyù, ata ilẹ̀ àti efinrin ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa jẹ, òórùn dídùn ni wọ́n ń mú wá, wọn ò ní adùn omi ẹran. Àlùbọ́sà nílò sùúrù: iná kékeré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú epo, títí tó fi máa pọ́n. Efinrin ní tiẹ̀, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ já a sí i, torí iná máa ń lé òórùn rẹ̀ lọ. Tòmátì tí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa ló sún mọ́ mágí jù nínú wọn. Òun ni mo gbójú lé fún jọ̀lọ́ọ̀fù, torí irú ò bá a mu lẹ́nu àwọn ọmọ mi.

Ó ku owó. Páálí mágí tí mo rà, kúùbù 100, pọ́n-ùn 4 ni. Mẹ́rin jẹ́ pẹ́ńsì 16. Irú gíráàmù 150 jẹ́ pọ́n-ùn 3. Gíráàmù 30 ni mo ń lò fún ìkòkò kan, ìyẹn pẹ́ńsì 60. Efinrin ló wọ́n jù, pọ́n-ùn 1 àti pẹ́ńsì 50 fún ìdì kékeré kan. Mo wá ki igi rẹ̀ bọ omi lójú fèrèsé, ó ta gbòǹgbò, mo sì gbìn ín sínú ìkòkò òdòdó.

Ìkòkò ẹ̀fọ́ mi ti ìsinsìnyí rèé: kúùbù kan, irú gíráàmù 30 tí mo ti fi omi ṣàn, tí mo sì kọ́kọ́ dín pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà kí òórùn rẹ̀ lè rọlẹ̀, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì, tí mo ń fi sí i gbẹ̀yìn. Iyọ̀ rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ gíráàmù 5.2, kò pé 0.7 nínú àwo kan. Owó mágí àti irú jẹ́ pẹ́ńsì 64 dípò 16. Tí a bá pín ohun tó fi lé sí àwo mẹ́jọ, pẹ́ńsì 6 ló kan àwo kọ̀ọ̀kan. Mi ò sì já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kúùbù kan ni mo ń yọ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ahọ́n wọn lè mọ́ ọn lára.

Màmá mi tọ́ ọ wò lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sè é bẹ́ẹ̀. "Iyọ̀ ẹ̀ kù díẹ̀," ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kejì tó kàn wọ́n láti dáná, mo rí wọn tí wọ́n tú kúùbù méjì. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìkòkò, wọ́n sì dá ọ̀kan padà sínú páálí.