Ọ̀sìn ẹja nínú àgò

Ọ̀sìn ẹja nínú àgò jẹ́ ọ̀nà ìsìn ẹja tí a ń gbà so àwọ̀n mọ́ férémù tó léfòó lórí ọ̀sà tàbí etí òkun, kí omi lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ó yàtọ̀ sí adágún àtọwọ́dá, nítorí olùsìn kò lè da omi ibẹ̀ nù kí ó sì rọ òmíràn sí i. Ìṣàn omi ló ń gbé ọ́síjìn wọlé, òun náà ló sì ń kó ìgbẹ́ ẹja jáde.

Ìjìnlẹ̀ omi ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí àwọ̀n bá ga tó mítà 2, ó yẹ kí omi jìn ju mítà 3 lọ, àní nígbà tó bá fà, kí ìgbẹ́ má baà kó jọ sí ìdí àgò. Ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà Èkó kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Omi ọ̀sà náà a máa níyọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò a sì sọ ọ́ di omi aláìníyọ̀. Ẹ̀yà epìyà tó jẹ́ ọmọ bíbí ọ̀sà ló lè fara da méjèèjì.

Ìdájí ni ọ́síjìn máa ń kéré jù, nítorí àwọn ewé inú omi kì í pèsè rẹ̀ lóru. Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí a wọ̀n ọ́n. Mílígíráàmù 5 nínú lítà omi kan dára. Bí ó bá dín sí 3, kí a dá oúnjẹ dúró. Ẹja tó ń yọ ẹnu sókè omi ní òwúrọ̀ ti ń wá èémí nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ti dí ojú àwọ̀n, tàbí pé koríko orí omi ti yí àgò ká.

Òfin ilẹ̀ Nọ́wè kò gbà kí ẹja sámọ́nì inú àgò ju kílógíráàmù 25 lọ nínú mítà kúbíìkì kan. Omi tútù a máa gba ọ́síjìn ju omi gbígbóná lọ, nítorí náà kílógíráàmù 10 sàn fún olùbẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sà wa.

Bí àpẹẹrẹ, àgò mítà 5 sí 5 tó jìn ní mítà 2 jẹ́ mítà kúbíìkì 50, yóò sì gba kílógíráàmù 500 nígbà ìkórè, èyí tí í ṣe ẹja 2,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ̀n tó gíráàmù 250. Olùsìn kó ọmọ ẹja 2,200 sí i, oní-gíráàmù 10, nítorí àwọn tí yóò kú. Àpapọ̀ wọn jẹ́ kílógíráàmù 22, nítorí náà ẹran tí ó jèrè jẹ́ 478. Bí oúnjẹ tí ó lò bá jẹ́ kílógíráàmù 860, a ó fi 478 pín in: ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 1.8, ìyẹn ni ìwọ̀n oúnjẹ tó di kílógíráàmù ẹran kan.

Bí oúnjẹ náà bá jẹ́ 1,150, ìwọ̀n náà di 2.4, àfikún rẹ̀ sì ju àpò 19 oní-kílógíráàmù 15 lọ. Kì í ṣe oúnjẹ burúkú nìkan ló ń fa èyí. Ẹja tí ọ́síjìn kò tó kì í jẹun tán, ìṣàn omi a sì gbé ìyókù gba ojú àwọ̀n lọ. Oúnjẹ tó ń léfòó ló rọrùn jù fún olùbẹ̀rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ni yóò fi rí ìgbà tí ẹja kò jẹ mọ́.