Ìwé Ayálégbé sí Onílé nípa Ògiri tí Ń Rin

Nígbà tí ọ̀dà ògiri bá ń bó, ayálégbé a kọ̀wé pé ilé ti bàjẹ́. Onílé a sì dáhùn pé omi tí ayálégbé ń dà sílẹ̀ ni ó fà á. Nítorí náà, kí a tó mú kálàmù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ògiri léèrè.

Kí a jáde síta, kí a fi ìka kan ẹ̀yìn ògiri náà. Bí ó bá ń dún bí agbè òfìfo, sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ẹ kò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Bí iyanrìn bá ń dà nígbà tí a fi èékánná ha á, sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ kéré. Òjò a sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá ti ilẹ̀ gòkè, tí kò kọjá orúnkún, ìpìlẹ̀ ni ẹ̀bi wà.

Lẹ́yìn èyí ni a lè kọ̀wé pé:

"Bàbá wa, a kí yín o. Láti oṣù Kẹfà ni ògiri yàrá wa tí ó kọjú sí ìta ti ń rin bí òjò bá rọ̀. Bí òjò bá dá, a gbẹ. Ọ̀dà ti bó ní ibi 3. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún bí òfìfo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa mú bíríkìlà wá wò ó kí oṣù yìí tó parí."

Kí a má tọrọ ọ̀dà nìkan, nítorí yóò tún bó. Kí bíríkìlà gé ibi tí ó ṣófo kúrò, kí ó fi sìmẹ́ńtì ìwọ̀n 1 sí iyanrìn mímọ́ ìwọ̀n 4 tún un rẹ́, kí ó sì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ 4 kí a tó kùn ún.