Àtẹ̀jíṣẹ́ agbanisíṣẹ́ ayédèrú

Àtẹ̀jíṣẹ́ agbanisíṣẹ́ ayédèrú ni ọ̀rọ̀ tí oníjìbìtì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wáṣẹ́, lórí fóònù, wásáàpù tàbí ìmeèlì, tó fi ń díbọ́n pé òun ń ṣojú fún ilé-iṣẹ́ kan, kí ó lè gba owó tàbí àwọn nọ́mbà àṣírí bánkì lọ́wọ́ ẹni náà. Kò sí iṣẹ́ kankan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ní Nàìjíríà, orúkọ NNPC, ìyẹn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ti ìjọba, àti orúkọ ilé-iṣẹ́ Dáńgótè wà lára àwọn tí wọ́n ti fi ṣe irú jìbìtì yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti kìlọ̀ fún aráàlú lọ́pọ̀ ìgbà nípa rẹ̀.

Ní ìlú Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwárà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, máa ń kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde sí ìgboro. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, máa ń fi orúkọ, ìwé-ẹ̀rí àti nọ́mbà fóònù rẹ̀ sí oríṣiríṣi ìkànnì ìwáṣẹ́ àti ẹgbẹ́ wásáàpù. Irú ibẹ̀ ni oníjìbìtì ti lè rí i, tí yóò sì mọ ohun tó kà kí ó tó kọ̀wé sí i.

Ìdí tí owó fọ́ọ̀mù fi ń tan èèyàn

Kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń san owó yìí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹ́rẹ́nà ọdún 2014, Àjọ Ìwọlé-wọ̀de ti Nàìjíríà ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ní pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, àwọn èèyàn sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá, Pọtá-Hákọ́ọ̀tù, Mínà àti Bìní. Olúkúlùkù àwọn tó lọ ti san ₦1,000 kí wọ́n tó lè forúkọ sílẹ̀. Àjọ ìjọba gidi nìyẹn. Ẹni tó bá rántí ọ̀rọ̀ yìí kò ní rí i bí ohun àjèjì bí ẹnì kan bá tún ní kí òun san owó kí òun tó ríṣẹ́. Àwọn tó ń ta àyè iṣẹ́ ìjọba lábẹ́lẹ̀ tún ti bá ọ̀rọ̀ náà jẹ́ sí i, tó fi jẹ́ pé owó tó yẹ kó já èèyàn láyà ló wá ń dà bí ẹ̀tọ́.

Ìlànà tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe ní ọdún 1997, tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 181, sọ ọ́ ní abala keje pé ilé-iṣẹ́ tó ń báni wáṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ní tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú, àfi ní àwọn ibi díẹ̀ tí ìjọba bá yọ sílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tó nílò èèyàn ló ń sanwó. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2006 lórí jìbìtì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20, láìsí àǹfààní owó ìtanràn, lélẹ̀ fún ẹni tó bá fi irọ́ gba owó ẹlòmíràn. Gbogbo ènìyàn ló ń pe irú ìwà yìí ní 419, títí kan àwọn ará Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ abala 419 wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn ti ìhà gúúsù. Ìwé òfin mìíràn ni Kwárà ń lò. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2006 kan gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àyẹ̀wò àtẹ̀jíṣẹ́ kan

Àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni a to jọ láti fi bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí hàn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀dọ́bìnrin kan ní Ọ̀fà, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣirò owó, ló gbà á lórí wásáàpù:

«A kí yín kú oríire. NNPC ti yàn yín sí ipò olùṣirò owó ní Ìlọrin. Owó oṣù jẹ́ ₦350,000. Ẹ san ₦15,500 fún àyẹ̀wò ara àti káàdì ìdánimọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní tó lù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó fi ẹlòmíràn rọ́pò yín. Ẹ fi nọ́mbà àkáǹtì, BVN àti nọ́mbà iwájú káàdì yín ránṣẹ́ fún owó oṣù. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní https://nnpcgroup.com.recruit.example/apply»

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni ìgbà tó bèèrè iṣẹ́ náà. Nígbà tí NNPC gba òṣìṣẹ́ ní ọdún 2024, orí careers.nnpcgroup.com ni àwọn èèyàn ti forúkọ sílẹ̀, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà sì tẹ̀lé e. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀, tí kò ṣe ìdánwò, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè ti yàn án. Ìbéèrè yìí nìkan ti tó láti já ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyí.

Èkejì ni iye owó náà àti àkókò rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí owó náà kéré, kí ó jẹ́ iye tí èèyàn lè yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ láàárín wákàtí kan láìṣàlàyé púpọ̀. Aago mẹ́rin tí wọ́n dá ni kò ní jẹ́ kí ó ráyè bi ẹnikẹ́ni. Bí ó bá san án, owó mìíràn yóò yọjú: ti aṣọ iṣẹ́, ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ti lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ẹni tó ti san ₦15,500 kò ní fẹ́ kí ó ṣòfò, nítorí náà yóò tún san.

Ibi tí wọ́n ní kí ó sanwó sí tún ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá tẹ nọ́mbà àkáǹtì oníkókó mẹ́wàá sórí áàpù bánkì, tàbí tí a bá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe píóèsì, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì náà máa ń jáde kí owó tó lọ. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn kan ló jáde, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orúkọ tó jọ ti ilé-iṣẹ́ bá jáde, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ni, nítorí ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ okòwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìkànnì àjọ CAC lè fi hàn pé orúkọ kan wà nínú ìwé ìjọba, kò lè fi hàn pé ẹni tó kọ̀wé náà ló ni ín.

Bí a ṣe ń ka àdírẹ́sì ìkànnì

Àdírẹ́sì inú àpẹẹrẹ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nnpcgroup.com, ojú tó bá sì ń kánjú yóò dúró síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ìkànnì, a ó yọ https:// kúrò níwájú, a ó sì yọ ohun gbogbo kúrò láti ibi ìlà dídagun tó kọ́kọ́ tẹ̀lé e. Ohun tó kù ni nnpcgroup.com.recruit.example. Láti ẹ̀yìn ni a ti ń kà á: ọ̀rọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, recruit.example, ni onílé. Ohun gbogbo tó wà níwájú wọn dà bí orúkọ tí onílé kọ sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sì lè kọ ohunkóhun tó bá wù ú. Bí àdírẹ́sì bá parí sí .com.ng tàbí .gov.ng, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ni a ó wò, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba nìkan ló sì ni .gov.ng.

Bákan náà ni ti ìmeèlì. Orúkọ tó hàn lókè lè jẹ́ ti ọ̀gá àgbà, àmọ́ bí a bá tẹ orúkọ náà, àdírẹ́sì gidi yóò yọ, bí ó bá sì parí sí gmail.com, kì í ṣe NNPC. Ìwọ̀n wà fún èyí ṣá o: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ọ̀fà ń lo gmail.com láìṣe jìbìtì. Ní ti àwọn wọ̀nyí, kí èèyàn rìn lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán dára ju wíwo àdírẹ́sì lọ.

Ohun tí nọ́mbà kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Àwọn nọ́mbà bánkì kò léwu bákan náà. Nọ́mbà àkáǹtì àti orúkọ bánkì nìkan kò tó láti fi yọ owó. Ohun tí a ń fún ẹni tó fẹ́ san owó fún wa nìyẹn. BVN, tí í ṣe nọ́mbà oníkókó mọ́kànlá tí Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, kò lè fúnra rẹ̀ yọ owó, ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé ọjọ́ ìbí àti nọ́mbà fóònù, oníjìbìtì lè fi í díbọ́n pé òun ni olówó náà. Nọ́mbà iwájú káàdì, ọjọ́ tí káàdì yóò parí àti nọ́mbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀ ni a fi ń rajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. OTP, ìyẹn nọ́mbà tí bánkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ni kọ́kọ́rọ́ tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí ẹni náà bá pe ọ̀dọ́bìnrin wa, tó ní «nọ́mbà kan máa wọlé báyìí, ẹ kà á fún mi kí n fi parí ìforúkọsílẹ̀ yín», owó rẹ̀ ló ń jáde lọ nígbà yẹn.

Ilé-iṣẹ́ gidi náà máa ń bèèrè nọ́mbà àkáǹtì, ó sì lè bèèrè BVN, nítorí owó oṣù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá ti gba lẹ́tà, tó sì ti tọwọ́ bọ̀wé, ni wọ́n ń bèèrè rẹ̀. Kò sí agbanisíṣẹ́ kankan tó nílò PIN, OTP tàbí nọ́mbà káàdì láti san owó oṣù.

Ọ̀nà mìíràn wà tó fara sin: wọ́n á ní iṣẹ́ náà ni kí ó gba owó sínú àkáǹtì rẹ̀, kí ó yọ ìdá díẹ̀, kí ó sì fi ìyókù ránṣẹ́ síbòmíràn. Owó olówó tí wọ́n jí ni. Àkáǹtì rẹ̀ ni bánkì yóò tì, òun sì ni àwọn agbófinró yóò kọ́kọ́ wá.

Fífèsì láìfi ara ẹni wéwu

Bí ó bá ti dájú pé ayédèrú ni, kí èèyàn má fèsì rárá, nítorí èsì ń sọ fún oníjìbìtì pé ẹnì kan ń lo nọ́mbà náà. Kí ó ya àwòrán ojú fóònù pamọ́, kí ó sì dí nọ́mbà náà. Bí kò bá dájú, kí ó má tẹ ìkànnì inú àtẹ̀jíṣẹ́, kí ó má sì pe nọ́mbà inú rẹ̀. Kí ó fúnra rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ náà tó mọ̀, kí ó sì bèèrè níbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kọ ìwé sí ẹni náà, irú èyí ti tó:

«Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ipò náà àti ọjọ́ tí mo bèèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti ìmeèlì ilé-iṣẹ́ yín. N kì í san owó ìgbanisíṣẹ́, n kì í sì í fi nọ́mbà bánkì ránṣẹ́ kí n tó gba lẹ́tà. Èmi fúnra mi yóò kàn sí ilé-iṣẹ́ láti fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀.»

Kò sí ìbínú nínú rẹ̀, kò sí èébú, kò sì sọ ibi tí ó ń gbé tàbí bánkì tí ó ń lò. Agbanisíṣẹ́ gidi kò ní bínú sí i. Oníjìbìtì yóò máa pe fóònù léraléra, yóò halẹ̀ pé àyè ti bọ́, tàbí kí ó dákẹ́. Èyíkéyìí nínú wọn ti dáhùn ìbéèrè.

Bí owó tàbí nọ́mbà bá ti lọ

Bánkì ni a ń kọ́kọ́ pè, kì í ṣe oníjìbìtì. Nọ́mbà tó wà lẹ́yìn káàdì ni kí ó pè kí wọ́n dí káàdì àti àkáǹtì, kí ó sì sọ àkáǹtì tí owó lọ sí, nítorí bánkì rẹ̀ lè kọ̀wé sí bánkì kejì kí wọ́n dá owó náà dúró bí wọn kò bá tíì yọ ọ́. Oníjìbìtì kì í jẹ́ kí owó pẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́jú ni a ń kà, kì í ṣe ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó kó àwòrán ojú fóònù àti ìwé ẹ̀rí ìsanwó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ọ̀fà tàbí ọ́fíìsì àjọ EFCC ní Ìlọrin. Ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì tún ń gba ẹ̀sùn lórí nccc.npf.gov.ng. Bí bánkì kò bá dáhùn, a lè kọ ẹ̀sùn sí Báńkì Àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng.

Ẹni tó bá kọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè tún gba àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ní òun lè bá a gba owó náà padà, kí ó sáà san owó iṣẹ́ díẹ̀ ṣáájú. Oníjìbìtì mìíràn nìyẹn, nígbà mìíràn ẹni àkọ́kọ́ náà ni.